Àtàǹpàkò Lórí Báákóòdù

Ní Òkè-Ìlá, nínú Adó-Èkìtì, tí ilé ìwé bá ti ń múra àtiwọlé, fóònù Màmá Bùsáyọ̀ kì í sinmi. Adéfúnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ girama ló ń tọ́jú kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Àwọn tó ni ilé ìwé aládàáni àtàwọn tó ń ta ìwé ní Ọjà Ọba a máa ya fọ́tò ìwé tí wọ́n fẹ́ rà, wọ́n a fi ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù, òun a sì sọ fún wọn bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Kì í sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ohùn ló máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ kò nílò fóònù kó tó dé ìdí ọkọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń bẹnu àtẹ́ lu ìwé ìṣirò kan tí Ọ̀gbẹ́ni Olúfúnṣọ́ fẹ́ rà fún ilé ìwé rẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ báákóòdù lẹ́yìn ìwé, kó wá ṣí ojú ewé tí orúkọ àwọn atẹ̀wé wà nínú, kó wo nọ́ńbà tibẹ̀ náà: ṣé ọmọ ìyá ni wọ́n? Ó ní àwọn ìlà dúdú inú báákóòdù yẹn ti ṣàn wọ inú ara wọn, ẹ̀rọ kankan kò lè kà á láyé. Ó ní ọsàn tí wọ́n yà sínú ìwé, tí wọ́n là sí mẹ́rin kí ọmọdé lè mọ ìdá mẹ́rin, àwọ̀ rẹ̀ ti kúrò lórí ìlà tó yẹ kó wà, àfi bíi pé ọsàn náà ń sá lọ.

"Ọ̀gá, ẹ gbé e padà fún wọn," ló fi parí rẹ̀. "Ẹni tó bá ta báákóòdù báyìí fún yín, ó mọ̀ pé ẹ ò ní wo ẹ̀yìn ìwé."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí àga fi ń dún.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ọkọ rẹ̀ dúró gbagidi, ó di ìwé kékeré kan mọ́ àyà, bébà ìròyìn ni wọ́n fi wé e. Ọmọ́níyì ni orúkọ rẹ̀, àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Tíṣà, nítorí ìṣirò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó rọra tú bébà náà, ó yí ìwé padà. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Báákóòdù wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ìwé náà ṣe jẹ́. Nígbà tí Adéfúnkẹ́ wà ní kékeré ní Ìyìn-Èkìtì, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ìjọ, gbé e sórí itan, ó sì fi ìwé kan kọ́ ọ ní kíkà. *Ọ̀nà Oko Àárọ̀* ni wọ́n ń pe ìwé náà. Àwọn míṣọ́nnárì ló tẹ̀ ẹ́ kí ìlú tó gbòmìnira, nígbà tí kò tíì sí báákóòdù lẹ́yìn ìwé kankan, kò nípọn ju bíbẹ́lì ọmọdé lọ. Òjò wọ àjà lọ́dún tí bàbá kú, ó ba ìwé náà jẹ́ mọ́ gbogbo ẹrù rẹ̀. Látìgbà náà, kò sí ilé àgbà tí Adéfúnkẹ́ wọ̀ tí kò béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀dà kan. Kò rí i. Ọkọ rẹ̀ ló wá rí i lórí ẹ̀rọ ayélujára, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní inú àpótí ilé míṣọ̀n lòun ti gbé e jáde. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀. Tíṣà ti rí i nínú ọkàn rẹ̀ bí obìnrin náà yóò ṣe sunkún.

Ní báyìí, òun gan-an ló fẹ́ẹ́ sunkún. Tó bá jẹ́ ayédèrú ńkọ́? Ta ni yóò gbé ayédèrú ìwé fún Adéfúnkẹ́? Ẹni tó sọ fún pásítọ̀ wọn, lójú ìjọ, pé ìwé orin tí wọ́n fi sínú gíláàsì pé olùdásílẹ̀ ló lò ó, fótókópì ni. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún pè é kó wá gba àdúrà ìparí.

Tíṣà pinnu pé òun gbọ́dọ̀ mọ òtítọ́ kí ọjọ́ Àìkú tó dé. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè sọ ọ́ fún un. Ó wọlé ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó fi síìmù tuntun sínú fóònù rẹ̀ kejì, ó sì kọ̀wé sí ìyàwó ara rẹ̀ pé òun ni Ayọ̀túndé, oníṣòwò láti Ìyìn, pé òun fẹ́ kí Màmá bá òun wo ìwé àtijọ́ kan. Ó ya ojú ìwé. Ó ya ewé kan nínú. Ó ya àárín ìwé níbi tí ewé ti pàdé. Ẹ̀yìn tí báákóòdù wà, kò yà á o. Orí Tíṣà pé tó bẹ́ẹ̀.

Fóònù dún ní pálọ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn Màmá Bùsáyọ̀ gba ara ògiri kọjá, ó sì tún gba inú fóònù dé, tí Tíṣà fi gbọ́ èébú kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó kọ́kọ́ kígbe ayọ̀ nígbà tó rí orúkọ ìwé náà. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ó ní kí Ayọ̀túndé gbé ewé náà sún mọ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kó tún un yà. Tíṣà tún un yà. Màmá ní ṣé ó rí i báyìí? Ìwé ayé ìgbà yẹn, lẹ́tà irin ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà a máa wọ inú bébà díẹ̀, téèyàn bá fi ìka pa ẹ̀yìn ewé náà, yóò mọ̀ ọ́n lára. Èyí tẹ́jú bí ilẹ̀ tí wọ́n fi síméńtì rẹ́. Etí àwọn lẹ́tà náà sì rí wúruwùru, ibi tó tinrín ti gé, ibi tó nípọn ti dí. Fọ́tò ìwé ni wọ́n yà, wọn kò to lẹ́tà kankan.

Ó ní bébà tó gbó, etí ló ti máa ń pọ́n wọ inú. Èyí pọ́n káàkiri bákan náà, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀bẹ ti gé e létí funfun báláú. Àwọ̀ ogbó náà gan-an, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni.

"Ẹ wá wo àárín ìwé," ni Màmá wí, ẹ̀rín sì ti ń gbé e lọ. "Mo rí ojú irin tí wọ́n fi gún ìwé pọ̀. Irin dà? Kò sí irin. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Àwòrán irin ni wọ́n tà fún yín! Ẹ bá mi kí ẹni tó rà á, ẹ ní mo ní ó kú orí ire."

Tíṣà jókòó sórí àpò ẹ̀lùbọ́. Èèyàn mìíràn ì bá pa fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sọ fún ọmọ pé kí wọ́n tún iṣẹ́ wọn yẹ̀ wò kì í tètè gbà. Ó kọ̀wé padà pé bóyá tí Màmá bá rí ẹ̀yìn ìwé náà, ọkàn rẹ̀ yóò yí padà. Ó gbé ìwé náà sókè, ó fi àtàǹpàkò bo báákóòdù mọ́lẹ̀ dáadáa, ó yà á, ó fi ránṣẹ́.

Ní pálọ̀, Màmá Bùsáyọ̀ ti la ẹnu. Ó mọ ohun tí àtàǹpàkò ń bò. Ó fẹ́ sọ ọ́. Àṣà rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó wà nínú fọ́tò tí kì í fẹ̀ lójú, nítorí náà ó fẹ àtàǹpàkò náà lójú pẹ̀lú.

Èékánná rẹ̀ là sí méjì láàárín.

Òòlù ló là á, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, tí ọkọ rẹ̀ ń kan pẹpẹ ìwé àkọ́kọ́ fún un nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Òun ló fi aṣọ wé e. Kò sí èékánná mìíràn tó rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Èkìtì.

Màmá Bùsáyọ̀ tún àwọn fọ́tò náà wò látìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò wo lẹ́tà. Ó rí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀. Ó rántí ohun tó ní kí wọ́n bá òun sọ fún ẹni tó rà á.

Nínú ilé ìdáná, Tíṣà ń retí. Kò gbọ́ ẹ̀rín. Ó ní kò burú, bóyá ìwé náà ti ń di ojúlówó.

Ó rọrùn láti purọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Màmá Bùsáyọ̀ tẹ̀ ẹ́ sójú fóònù: *Ojúlówó ni*. Ó wò ó. Ó pa á rẹ́. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn kò bi í léèrè kó lè tù ú nínú. Ó bi í nítorí pé ó gbà pé kì í purọ́. Ó gba ohùn sílẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri kò fi rí nǹkan kan gbọ́.

"Ayọ̀túndé, ayédèrú ni. Mi ò lè pè é ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má fún ẹlòmíràn. Èmi fẹ́ ẹ."

Ohùn kan bú jáde láti ilé ìdáná: "Kí lo fẹ́ fi ayédèrú ṣe?"

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀díẹ̀. Tíṣà jáde, ẹ̀lùbọ́ funfun lẹ́yìn ṣòkòtò rẹ̀, ìwé lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀ láti Ìyìn," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ọkùnrin orí ẹ̀rọ, àpótí ilé míṣọ̀n, ọjọ́ Àìkú. Ó ní òun yóò dá a padà, òun yóò wá òmíràn. Adéfúnkẹ́ ti gba ìwé náà, ó sì ti ṣí ojú ewé àkọ́kọ́.

"Uwé bàbá mi ni," ló wí, ahọ́n Ìyìn ti wọlé dé.

Ó kà á sókè: "Òwúrọ̀ ni. Ìrì wà lórí koríko. Bàbá gbé àdá, mo gbé..." Ibẹ̀ ni ìwé náà ti funfun. Ẹ̀rọ tó yà á kò gbé ìdajì ewé náà dáadáa; ìlà bíi mẹ́rin ló ti parẹ́ di eruku. Tíṣà mí kanlẹ̀. Ayédèrú tún ni, kò tún pé.

Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò dúró. Ojú rẹ̀ kò sí lórí ewé mọ́, ó ń wo ìta, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ: "...mo gbé agbè omi. Ẹsẹ̀ bàbá tóbi, tèmi kéré. Ibi tí bàbá bá gbé ẹsẹ̀ kúrò ni mo ń gbé tèmi sí." Ó dúró. "Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà lórí mi."

"Tún un kà," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó ti ń wá pẹ́ńsù. Ó jókòó tì í, ó tẹ ìwé náà mọ́ itan, ó sì ń kọ ọ́ sí ojú ibi tó parẹ́, lẹ́tà gàdàgbà bí ẹni ń kọ ọ́ sójú pátákó.

Adéfúnkẹ́ ní kó rọra, ó ti ń kọ ọ́ wọ́.

"Má yọ mí lẹ́nu," ni Tíṣà wí. "Agbè omi, lẹ́yìn náà?"