Ìṣó Tó Yí Lórí Ilẹ̀

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, eré àwàdà àkọ́kọ́ tí mo kọ fún rédíò jáde ṣáájú ìròyìn ìrọ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀, nítorí pé mo jókòó sí àárín àwọn tó gbọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ ni mo wà. Aránṣọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó máa ń bá wa ṣeré, òun ló sì ṣe ìyàwó ilé nínú eré yìí. Àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ tẹrí ba sórí máṣíìnì wọn, rédíò wà lórí férémù fèrèsé. Irú wọn gan-an ni mo kọ eré náà fún: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí, tí ojú rẹ̀ dí, tó jẹ́ pé etí nìkan ló ṣẹ́ kù tí a lè rí yá.

Eré náà kò gùn. Bàbá ọkọ wá kí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyàwó yìí kì í pe káfíńtà. Gbogbo nǹkan inú ilé, òun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Bàbá bèèrè pé ta ló ṣe ilẹ̀kùn, ìyàwó ní òun ni. Bàbá bèèrè fèrèsé, ìyàwó ní òun náà ni. Ó bèèrè àga, bákan náà. Bàbá jókòó. Àga já. Bàbá wá bèèrè láti ìsàlẹ̀ pé, “Ilẹ̀ yìí le dáadáa o, ìyàwó wa, ta ló ṣe é?”

Orí ìtàgé la ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń rẹ́rìn-ín títí wọn yóò fi di ara wọn mú. Ọkùnrin tó ń ṣe bàbá ni wọ́n ń pè ní Ojúlọ̀rọ̀. Tó bá ti ṣubú, á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ àga, á wo ìyàwó, á wá wo àwọn èrò ìwòran bí ẹni tí wọ́n jí adìyẹ rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí ẹ̀rín á ti bẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, nǹkan kan dún gbì nínú rédíò, ohùn Ojúlọ̀rọ̀ sì tẹ̀ lé e kíákíá. Máṣíìnì kankan kò dúró. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fi eyín já òwú.

“Kí ló já?” ó bèèrè.

“Bóyá ilẹ̀kùn ni,” ẹnì kejì rẹ̀ dáhùn.

“Ta ni bàbá yẹn wá ń bi léèrè ilẹ̀?”

“Èmi ò mọ̀ o. Ẹ̀yin ìyá ńkọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ wà níbẹ̀?”

Ìyá Aránṣọ wo mí. Mo wo bàtà mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá Ètò ní ilé iṣẹ́ rédíò pè wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bú èèyàn, ìyẹn ló sì ń bani lẹ́rù. Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fún eré wa ṣì jẹ́ tiwa ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ká tún eré kan náà ṣe. Bí kò bá pa èèyàn lẹ́rìn-ín, àwọn olóṣẹ ìfọṣọ ti ń bèèrè àyè náà fún ìpolówó.

A bọ́ sí sítúdíò. Ojúlọ̀rọ̀ jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán.

“Ojú yìí ló tọ́ àwọn ọmọ mi,” ó ní. “Ẹ wá gbé mi síwájú irin tó ń gba ohùn, ẹ ní kí n pa á lẹ́rìn-ín.”

“Irin kọ́,” Ìyá Aránṣọ dá a lóhùn. “Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi ló wà lẹ́yìn irin yẹn. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ ṣubú.”

“Wọn ò mọ̀? Gbogbo ara ni mo fi ṣubú. Ìbàdí mi ṣì ń dùn mí.”

“Ìbàdí yín kò dé orí rédíò, bàbá.”

Mo ní kí a gbọ́ ohun tó jáde gan-an. Ẹnjiníà tó ń gba ohùn wa sílẹ̀ yí i fún wa láti ẹ̀yìn gíláàsì rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, mo rí i pé àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, èmi ni mo sì ni ọ̀kan. Mi ò jẹ́ kí etí mọ àga náà kó tó já. Lórí ìtàgé, gbogbo ayé ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ́. Lórí rédíò, ohun tí kò bá tíì dún, kò tíì sí. Ìkejì ni pé Ojúlọ̀rọ̀ dákẹ́ dáadáa lẹ́yìn ìṣubú nígbà tí à ń gba ohùn, mo rántí. Ṣùgbọ́n nínú ohun tó jáde, ìdákẹ́jẹ́ náà ti pòórá.

“Èmi ni mo gé e,” Ẹnjiníà sọ láìjáfara. “Wọ́n kọ́ wa pé ìdákẹ́jẹ́ lórí rédíò, àìsàn ni. Olùgbọ́ á kọ́kọ́ gbá rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà á yí i sí ilé iṣẹ́ mìíràn.”

“Níbi tí ẹ gé yẹn ni ẹ̀rín wà,” mo ní. “Ẹni tó gbọ́ gbì gbọ́dọ̀ ráyè ya àwòrán bàbá lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí a bá sọ̀rọ̀ kó tó yà á tán, ọ̀rọ̀ náà á jábọ́ sórí òfìfo.”

Ẹnjiníà kò bínú. “Ẹ fún mi ní nǹkan tó ń dún níbẹ̀, n ò ní fọwọ́ kàn án. Òfìfo pátápátá ni n ò lè jẹ́ kó kọjá.”

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó lè dún nínú ìdákẹ́jẹ́ láìbà á jẹ́. Ojúlọ̀rọ̀ mí kíkankíkan. Ó dà bí ẹni tó ń kú lọ, kò pa wá lẹ́rìn-ín. Ìyá Aránṣọ yí bọ́tìnì kan sórí táìlì tí Ẹnjiníà gbé kalẹ̀. Ó fúyẹ́, a ò gbọ́ nǹkan kan. A ju owó ẹyọ sí i, ó dún dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó.

“Ìṣó,” ni mo sọ níkẹyìn.

Ìṣó ni ìyá mi fi kan àga wa. Ọdún tí wọ́n dá bàbá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, onílé kó àga mẹ́ta nínú mẹ́rin tí a ní, ó fi ẹyọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán sílẹ̀. Ìyá mi kó ìṣó sẹ́nu, ó kàn án ní ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ kejì ni bàbá àgbà wá kí wa. Ibi tí mo ti bu eré náà nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ fún wọn.

A fi ìṣó bẹ̀rẹ̀ eré. Òòlù ń dún, ìyàwó sì ń kọrin pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu, ohùn rẹ̀ wà ní kọ́lọ́fín ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá kan ilẹ̀kùn, ó wọlé. Bàbá ní, “Àbí eyín ń dùn ọ́ ni, ìyàwó wa?” Ìyàwó ní, “Ìṣó ni, bàbá. Àga yín ni mò ń kàn.” Bẹ́ẹ̀ ni etí ti mọ ìṣó, ó ti mọ àga, ó sì ti mọ ẹni tó kàn án. Nígbà tí bàbá bá gbé ọwọ́ lé àga, á dún kẹ́ẹ̀ẹ́, díẹ̀. Tó bá jókòó, á dún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, gbì. Lẹ́yìn gbì, ìṣó kan ṣoṣo á yí lórí táìlì, á máa yí po bí ìṣó ṣe ń ṣe nítorí orí rẹ̀, títí á fi dúró.

Mo tún yí ọ̀rọ̀ bàbá padà. Bí mo ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, “ilẹ̀” ló ṣáájú, tó jẹ́ pé àṣírí ti tú kí ọ̀rọ̀ tó parí. Mo sọ ọ́ di: “Ìyàwó wa, ta ló ṣe ilẹ̀?” Ojúlọ̀rọ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìdákẹ́jẹ́ tín-ín-rín sáàárín “ṣe” àti “ilẹ̀”. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gíláàsì. Ojúlọ̀rọ̀ yíjú sí mi.

“Mi ò ṣojú kankan o,” ó ní. “Ẹ rí i. Ojú mi dúró bí ògiri.”

Ṣùgbọ́n eré náà ti gùn ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ la fi ń rà á. A yọ fèrèsé, nítorí ilẹ̀kùn àti àga tó láti kọ́ etí ní ìdáhùn tí yóò máa retí. Ó ṣì ku díẹ̀.

“Ẹ yọ ti ìparí,” Ojúlọ̀rọ̀ sọ.

Lẹ́yìn tí bàbá bá bèèrè ilẹ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú eré tẹ́lẹ̀ fún ìyàwó: “Ẹ má tíì dìde, bàbá. Ẹni tó wà nílẹ̀ kì í ṣubú.”

“Ọ̀rọ̀ yẹn dára,” Ìyá Aránṣọ ní. “Mo fẹ́ sọ ọ́.”

“Ó dára jù ni mo ṣe ní kí ẹ yọ ọ́. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, a kì í bá a sọ̀rọ̀. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, kò ní gbọ́ ọ. Tó bá sì fẹ́ gbọ́ ọ, á gbé ẹ̀rín mì. Lórí ìtàgé mo lè dúró títí ẹ̀rín á fi rọlẹ̀, mo ń wò wọ́n. Níbí, ta ni mo ń wò?”

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo gba gègé lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ, mo sì fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ náà fúnra mi. Orin ni a fi síbẹ̀, tó máa wọlé jẹ́jẹ́ lẹ́yìn “ilẹ̀”.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún, mo tún wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ojúlọ̀rọ̀ náà wá, ṣùgbọ́n ó dúró síta, ó kọjú sí ògiri. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun kó má baà ran eré lọ́wọ́.

Òòlù dún. Ìyàwó kọrin pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu, obìnrin tó ń já òwú rẹ́rìn-ín músẹ́ láìgbójú sókè. Àga dún kẹ́ẹ̀ẹ́. Máṣíìnì kan dúró.

“Kó má jókòó síbẹ̀ o,” ẹnì kan ní.

“Àgbàlagbà ni, á jókòó.”

Àga tún dún. Máṣíìnì kejì dúró, ìkẹta náà dúró. Gbì. Ìṣó yí, ó yí po, kò sí ohun mìíràn tó ń dún ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà, àwọn obìnrin sì ń wo ilẹ̀ níwájú ara wọn bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìṣó wà. Ó dúró.

“Ìyàwó wa, ta ló ṣe... ilẹ̀?”

Ẹni tó ń já òwú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi orí lé máṣíìnì. Èkejì gbá a lẹ́yìn. Ẹ̀rín náà pẹ́ ju orin lọ. Akéde ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, wọ́n ṣì ń bi ara wọn pé ta ló ṣe sísọ́ọ̀sì, ta ló ṣe abẹ́rẹ́, ta ló ṣe ìwọ alára. Ìyá Aránṣọ fi etí aṣọ nu ojú. Ojúlọ̀rọ̀ yọrí láti ẹnu ọ̀nà.

“Ojú ta ni wọ́n rí?” ó bèèrè.

“Kò sí,” mo ní.

“Ẹ ṣeun.” Ó wọlé, ó sì jókòó sórí àga tó le.

Ọ̀gá Ètò fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún náà títí ìparí ọdún. Inú mi dùn, ó sì ṣì ń dùn. Mo ra bébà tuntun.

Ìyá mi kú kí n tó parí ilé ìwé alẹ́. “Ẹ má tíì dìde, bàbá. Ẹni tó wà nílẹ̀ kì í ṣubú”: òun ló sọ ọ́ fún bàbá àgbà lọ́jọ́ tí àga wa já, kò sì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mìíràn tí mo rántí bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Kò jáde lórí rédíò.