Ọgọ́rùn-ún Wọlé, Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Jáde

Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ náà sáré wọ ojú tẹlifíṣọ̀n, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, ó sì gúnlẹ̀ sínú adágún omi. Ibẹ̀ ló yẹ kí eré rọlẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí omi gbéra díẹ̀díẹ̀ yí bàtà ká bí ìyẹ́ apá ẹyẹ, kí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan dúró sójú òfuurufú títí ojú yóò fi rí i tẹ́rùn, kí gbogbo ayé sì rí i pé omi kò ráyè wọ inú bàtà. Lẹ́yìn náà kí eré tún yá, kí ẹlẹ́sẹ̀ máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n omi náà kò gbéra. Ó ta gìrì, ó dúró, ó tún ta gìrì, bí alángbá tó ń gbà fún ẹni tí kò bi í léèrè.

Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú yàrá. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ fídíò náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, rìmóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olóòtú, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Ìbejì, jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó doríkodò. Ìyá Oníbàtà, tó gbé iṣẹ́ náà wá, jókòó sórí àga, ó gbé báàgì lé orúnkún. Ìyá Kámẹ́rà, tó ya àwòrán náà, ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ pè é ni.

"Kí ló ń ṣe omi yìí?" ni Ìyá Oníbàtà béèrè. "Ṣé òtútù ń mú un ni?"

"Ẹ má bínú, mà," ni ọ̀gá dáhùn. "Àṣìṣe ẹni tó yà á ni. Tí a bá fẹ́ kí nǹkan lọ́ra láìgbọ̀n, àwòrán púpọ̀ ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọgọ́rùn-ún la ní kí wọ́n yà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n yà. Ìyẹn náà tó fún ibi tí ẹsẹ̀ ti ń sáré, àmọ́ tó bá di ibi tó yẹ kó lọ́ra, kọ̀ǹpútà á wá máa fi àwòrán kan ṣoṣo ṣe mẹ́rin. Wọ́n gbàgbé láti yí nọ́ńbà padà ni."

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò àná. Ìyá Kámẹ́rà rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ.

"Ta ló gbàgbé? Èmi?"

Ìyá Oníbàtà yíjú sí i. Ojú náà kì í ṣe ojú ìbínú. Ìbínú ì bá sàn díẹ̀. Bàtà tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n yẹn, ọkọ rẹ̀ ló rán an. Òun ni bàtà ìkẹyìn tó rán tán kí ikú tó mú un lọ, òun náà sì ni wọ́n ń wò rán gbogbo bàtà tí ìyàwó rẹ̀ ń tà báyìí.

"Mo fi lé yín lọ́wọ́," ó ní. "Mo ní kí ẹ bá mi ṣe é jẹ́jẹ́."

Ó dìde, ó kọjá lára Ìyá Kámẹ́rà lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ pé ó dàbọ̀.

Ọ̀gá kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹsẹ̀ obìnrin náà dákẹ́ lórí àtẹ̀gùn kó tó fa ìwé kan yọ. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán.

"Ẹ kàn bá wa fọwọ́ síbí, mà. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Pé ẹ gbàgbé, pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Kí wọ́n má baà gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíì."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Kámẹ́rà ti ń gbé kámẹ́rà léjìká. Ó ti yàwòrán nínú òjò, ó ti yàwòrán nínú èéfín, ó ti fi ìkúnlẹ̀ yàwòrán títí orúnkún rẹ̀ fi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Láàárín àwọn oníṣẹ́ yìí, ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun gbàgbé nọ́ńbà kámẹ́rà, kò sẹ́ni tí yóò tún fi iṣẹ́ gidi lé e lọ́wọ́. Orúkọ rere nìkan ló kó jọ ní gbogbo ọdún yẹn, ọmọ tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ pátápátá ló sì ń na bírò sí i pé kó fi tọrẹ.

"Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá fídíò yẹn dúró níbi tí omi ti fò."

Bàbá Ìbejì dá a dúró. Ẹ̀kán omi wà lójú òfuurufú bí ìlẹ̀kẹ̀ dígí, ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ roboto.

"Tó bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo fẹ́ yà, báwo ni omi yìí ì bá ṣe rí?"

"Ì bá fà bí okùn," ni Bàbá Ìbejì sọ, kò gbójú sókè. "Tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà àádọ́ta, ìdá kan níbẹ̀ lojú kámẹ́rà máa ń là sílẹ̀ fún irú ìyẹn. Omi á ti rìn kí ojú náà tó pa dé."

"Ìdá kan nínú igba ni mo fi í sí, torí pé ọgọ́rùn-ún àwòrán ni mo fẹ́. Ojú tó bá ń yára pa dé, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń rí. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tan iná ńlá mẹ́rin lọ́sàn-án gangan nìyẹn. Ìyá Oníbàtà gan-an bi mí pé ṣé mo fẹ́ sun àwọn jẹ ni."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìyá Kámẹ́rà! Èèyàn lè rántí ojú kó gbàgbé nọ́ńbà, àbí kò lè ṣẹlẹ̀? Ẹ wo fáìlì. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Fáìlì kì í purọ́."

Ohun tó dun Ìyá Kámẹ́rà jù ni pé ọ̀rọ̀ náà ṣeé gbà. Ó lè ṣẹlẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ń wá ìka ara rẹ̀ nínú ìrántí: ṣé ó tẹ nọ́ńbà yẹn lóòótọ́, àbí ó kàn rò pé òun tẹ̀ ẹ́? Pé wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ di ẹni tó ń fura sí ìka ara rẹ̀, inú tún bí i lọ́tun. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó fi gíláàsì sójú, ó sì ka ohun tó wà lábẹ́ nọ́ńbà náà.

"Ọjọ́ Ajé la yà á, láàárọ̀. Kí ló dé tí fáìlì yín ń sọ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ṣe òun?"

Ìgbà yẹn ni Bàbá Ìbejì gbé orí sókè.

"Mi ò sí níbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní. "Mo gbé àwọn ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́."

"Ta ló wá kó iṣẹ́ mi kúrò nínú káàdì kámẹ́rà?"

Ọ̀gá gbé rìmóòtù sílẹ̀, ó tún gbé e.

Àṣà ilé iṣẹ́ náà ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá yà gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ ìfúnpọ̀, èyí tó ń sọ fáìlì ńlá di kékeré nínú kọ̀ǹpútà, kọjá kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, torí pé àyè ìpamọ́ wọn kéré. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ẹ̀rọ náà sì ń sọ gbogbo nǹkan dà. Fún ẹni tó jókòó tó ń sọ̀rọ̀, kò sí ewu níbẹ̀. Ohun tó bá máa lọ́ra ni Bàbá Ìbejì kì í fi síbẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí. Ó ṣí ẹ̀rọ náà báyìí, ó wá ibi tó ń kọ ìrántí iṣẹ́ rẹ̀ sí, ó sì kà á sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Bàtà, ìkíní. Wọlé, ọgọ́rùn-ún. Jáde, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bàtà, ìkejì. Wọlé, ọgọ́rùn-ún. Jáde, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Nínú àwòrán mẹ́rin-mẹ́rin, ó da mẹ́ta nù."

"Tiwa gangan tó wà nínú káàdì ńkọ́?" ni Ìyá Kámẹ́rà béèrè.

"Mo ti nù ún," ni ọ̀gá sọ. "A ti ya nǹkan míì lé e lórí. Ṣé kọ̀ǹpútà ò lè dá àwọn tó sọnù padà ni?"

"Mo ti gbìyànjú ìyẹn," ni Bàbá Ìbejì fèsì. "Ó ń méfò ni. Okùn bàtà yọ́ bí àbẹ́là, omi wá ń hù jáde látinú awọ."

Ọ̀gá pa ọwọ́ pọ̀. "Ó dáa, kò burú. Màá pe Ìyá Oníbàtà. Màá ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni, a ó tún un yà. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn."

"Àṣìṣe kí ni?"

"Ẹ̀rọ, mà."

"Ẹ gbọ́ mi, ọ̀gá." Ohùn Ìyá Kámẹ́rà kò ga, ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. "Láàárọ̀ yìí, àṣìṣe yìí lórúkọ. Èmi ló ń jẹ́. Ó lórúkọ níwájú oníbàárà, ó lórúkọ lórí lẹ́tà, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó dé pàápàá. Ìgbà tó wá délé olówó rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu káàdì? Mi ò ní gbé kámẹ́rà fún iṣẹ́ yìí mọ́, àfi tí ẹnu tó sọ ọ́ bá sọ ọ́ padà níwájú ẹni tó gbọ́ ọ."

"Ẹ̀yin náà, mà. Ṣé torí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán—"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Torí rẹ̀ ni."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Ìyá Kámẹ́rà àti ọ̀gá dé ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníbàtà. Awọ ń rùn, gọ́ọ̀mù ń rùn, àwọn igi onírísí ẹsẹ̀ sì tò lórí pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá àwọn igi náà sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun, mà. Ọ̀rọ̀ àná yẹn, ó dà bí ẹni pé nígbà tí a ń kó o sínú kọ̀ǹpútà, nǹkan kan—"

"Ta ni 'a'?" ni Ìyá Kámẹ́rà béèrè.

Ọ̀gá kọjú sí Ìyá Oníbàtà. "Èmi ni, mà. Èmi ni mo bà á jẹ́. Wọ́n yà á bó ṣe yẹ. Wọn ò gbàgbé nǹkan kan."

Ìyá Oníbàtà wò ó pẹ́. "Ìwọ lo bà á jẹ́, o sì dúró níwájú mi, o ń fi ìka tọ́ka sí ẹlòmíràn? Ó mà ṣe o. Ọkọ mi, tí abẹ́rẹ́ bá gba ọ̀nà òdì lọ, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń mú bàtà náà tọ oníbàárà lọ." Ó yíjú sí Ìyá Kámẹ́rà. "Àǹtí, mo fi ojú burúkú wò yín lánàá. Ẹ forí jì mí."

"Kò sí láburú, mà," ni Ìyá Kámẹ́rà sọ. Ó wù ú kí ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n kò tíì rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n da omi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tan iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀gá ló pọn omi, kò sẹ́ni tó ní kó gbé korobá sílẹ̀. Kí bàtà tó gbéra, Ìyá Kámẹ́rà pe Ìyá Oníbàtà síbi kámẹ́rà pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ ka nọ́ńbà tó wà lókè.

"Ọgọ́rùn-ún," ni obìnrin náà kà, ó tẹjú mọ́ ọn. "Ọgọ́rùn-ún ni mo rí."

Ìgbà mẹ́fà ni ẹsẹ̀ gúnlẹ̀ sínú omi. Ní ìgbà kẹfà, omi gòkè yí bàtà ká lẹ́ẹ̀kan náà, ó tàn nínú iná, Ìyá Oníbàtà sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Kámẹ́rà ní ó tó. Ó yọ káàdì náà jáde.

Ọ̀gá na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí n máa gbé e lọ sílé iṣẹ́ fún yín, mà."

Ìyá Kámẹ́rà wo ọwọ́ náà. Ó ṣí àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó fi káàdì síbi tí sípù wà, ó sì fà á pa.

"Bàbá Ìbejì máa dé lọ́la láago mẹ́jọ," ó ní. "Màá fún wọn níṣojú yín."