Òǹtẹ̀ Mẹ́ta Lórí Ìwé Fúnmi

"Wọ́n ní wọ́n dá ìwé Fúnmi padà ní ẹ́ńbásì Amẹ́ríkà... wọ́n ní òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló kéré..."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri Ìpọ̀nrí nìyẹn. Kútọnu ni wọ́n bí Adéfúnmiláyọ̀ sí, Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé ìbí ẹ̀, ọkọ ẹ̀ sì ń retí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ Ajé ló máa padà lọ sí ẹ́ńbásì. Òun náà gba ọ̀rọ̀ àdúgbò gbọ́, ló bá ní kí agbẹ́-òǹtẹ̀ kan ní Mushin lu òǹtẹ̀ ńlá mẹ́ta sórí ìwé tí Ẹ̀gbọ́n Láyí, tíṣà Faransé ní Yaba, túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún un.

Láyí rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. "Fúnmi, ṣé àpò sìmẹ́ǹtì ni? Kí gan-an ni òyìnbó ẹ́ńbásì yẹn sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àdúgbò ló ní..."

"Mi ò bi àdúgbò. Ìwọ lo dúró níwájú ẹ̀."

Ojú ti Fúnmi. Láyí ti ki bébà tuntun bọ táípúráítà ẹ̀, ó ń dúró.

"Ó ní: 'Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ṣiṣẹ́ níbí. Kí ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ kọ ọ́ pé òun ò fo nǹkan kan, pé ó péye, pé òun gbọ́ èdè méjèèjì débi tóun fi lè túmọ̀ ẹ̀. Kó kọ orúkọ ẹ̀, kó buwọ́ lù ú.' Kò dárúkọ òǹtẹ̀ rárá."