Ìpàdé Tó Kúrò Ní Sátidé

Òwúrọ̀ Mọ́ńdè ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè, ọ̀gá ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Iléṣà, ní kí Julianah akọ̀wé ọ́fíìsì tẹ ìwé sí gbogbo òbí. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí wọ́n fi sí Sátidé kò ní lè wáyé, torí alága ẹgbẹ́ òbí ń sin ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti fà á wá sí Tọ́sìdeè. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò yí padà: ṣé kí wọ́n ti họ́sítẹ́ẹ̀lì pa ní ìparí táàmù, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Julianah tẹ̀ ẹ́, kò sí àléébù kankan níbẹ̀. Déètì àtijọ́ wà níbẹ̀, déètì tuntun wà níbẹ̀, àyè ìbuwọ́lùwé tí òbí máa gé dá padà náà wà nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀gá kíláàsì pín in, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ti òbí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn, inú ọ́fíìsì sì máa ń dùn sí ohun tó bá ti pẹ́. Wọ́n ní WhatsApp, ṣùgbọ́n àwọn òbí inú ìlú ló kún ibẹ̀. Ẹni tó wà lóko kòkó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, kí ni yóò fi WhatsApp ṣe?

Testimony, tó wà ní SS2, gba ìwé tirẹ̀, ó sì fi í sínú lọ́kà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bọ́dà, ìyẹn ọmọ tó ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kì í jáde, kì í sì í ní fóònù. Ó tọ́jú ìwé náà de ọjọ́ ìbẹ̀wò, kó lè fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo bọ́dà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Sátidé yẹn gan-an sì ni ọjọ́ ìbẹ̀wò. Torí àwọn òbí bọ́dà ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ fi ìpàdé síbẹ̀.

Ní Tọ́sìdeè, àwọn òbí tí ọmọ wọn ń sùn nílé pé jọ. Wọ́n ní owó tí àwọn ń dá fún oúnjẹ àwọn bọ́dà ti sú àwọn, kí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Kò sẹ́ni tó takò wọ́n. Ta ni yóò takò wọ́n?

Nígbà tó di Sátidé, Adétutù, ìyá Testimony, gbéra láti oko wọn lẹ́yìn Ìwàrà, ó gbé kúlà ìrẹsì dání. Opó ni. Bí họ́sítẹ́ẹ̀lì bá tì, kò sí ilé ìbátan kankan ní Iléṣà tí ọmọ rẹ̀ lè sùn sí. Yóò padà sóko ni, ìwé parí nìyẹn. Ó ti ń to ohun tó fẹ́ sọ ní ìpàdé lẹ́sẹẹsẹ bó ti ń bọ̀ lọ́nà. Ó dé gbọ̀ngàn, àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Testimony sáré wá, ó na ìwé sí i.

Adétutù kà á tán, kò bá ọmọ jà. Ọ́fíìsì ló gbà lọ, àwọn òbí bọ́dà mìíràn sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Wọ́n ní ẹ ti ṣèpàdé.”

“A ti ṣe é, Ìyá Testimony. A retí yín títí. A fìwé ránṣẹ́ sí gbogbo òbí.”

“Ta lẹ fi rán, sà?”

“Àwọn ọmọ yín.”

“Àwọn ọmọ tí ẹ tì mọ́ inú géètì?”

Ọ̀gá wo Julianah. Julianah wo ilẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ òfin géètì yẹn dáadáa. Àwọn gan-an ló ń fìyà jẹ ọmọ tó bá rú u.

“A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, sà,” ni Adétutù wí. “Bó bá jẹ́ oúnjẹ ló sú wọn, àgbẹ̀ ni wá. Iṣu wa, gàrí wa, epo wa, a ó máa kó o wá. Ohun tí mo fẹ́ wá sọ nìyẹn.”

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè kì í ṣe ẹni tó máa ń yára gbà pé òun ṣì í. Ó fọwọ́ kan ìwé ìpinnu Tọ́sìdeè tó fẹ́ gbé lọ fún ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, ó tún un tò, ó tún un tò. Ó wá fi í sínú dúrọ́ọ̀.

“Akọ̀wé, tẹ ìwé mìíràn. Ọjọ́ ìbẹ̀wò tó ń bọ̀ la ó tún ìpàdé ṣe. Ẹ̀yin òbí bọ́dà, mo ti fẹnu ara mi sọ fún yín.”

Adétutù dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó sì jáde. Testimony ń dúró dè é lábẹ́ igi.

“Mọ́mì, ṣé kí n máa palẹ̀ ẹrù mọ́ ni?”

“Rárá. Wọn kò tíì tì í.”

Ó ṣí kúlà, ó mú ṣíbí. Ó fẹ́ bu ìrẹsì fún ọmọ rẹ̀. Testimony gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu ti ìyá rẹ̀ ṣáájú.