Ìlà Márùn-ún Ni Àpótí Náà Gbà

"Bàbá Ògbufọ̀, Yorùbá yín tún ti sanra ju àpótí lọ o!"

Ọ̀gá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ìdí tábìlì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wá sí ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, pé kó máa dá àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde.

"Èwo nìyẹn?" bàbá náà bi í.

"Síláìdì kẹfà. Lẹ́tà ti ń ṣàn jáde nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbààwẹ̀ díẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ tó bá gbààwẹ̀ jù kò ní lè dìde jíṣẹ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dín ọ̀rọ̀ náà kù.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro lójú rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn síláìdì, ojú ìwé ẹ̀kọ́ tí kọ̀ǹpútà ń gbé sára ògiri, wà, wọ́n sì fẹ́ ẹ ní Yorùbá fún àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ́ọ̀dù, àwọn tó ń tẹ́ ibùsùn, tó sì ń wẹ aláìsàn. Àpótí ọ̀rọ̀ orí síláìdì kọ̀ọ̀kan kò gbà ju ìlà márùn-ún lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lẹ́tà di kékeré fúnra rẹ̀, títí ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn kò fi ní rí nǹkan kan kà. Bàbá ti pa ìyẹn. Ó ní kí lẹ́tà dúró bó ṣe tóbi, òun lòun máa wá ibi tí òun máa gé.

Ohun kejì tí kò gbà fún ẹnikẹ́ni ni kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ máa pààrọ̀ aṣọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ti jókòó pẹ̀lú ọ̀gá ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ti fẹnu kò. Àmì tó fi hàn pé ara aláìsàn ń burú sí i, "àmì ewu" ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí nọ́ọ̀sì gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ẹni tó jù ú lọ, "fi tó dókítà létí" ni. Ohun búburú tí ìtọ́jú tó péye ì bá dá dúró, "tó ṣeé dènà" ni. Ó ti lo ìyẹn lórí síláìdì kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń sọ nípa egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ máa ń dá sí aláìsàn lára: egbò tó ṣeé dènà. Ó dùn mọ́ ọn nínú nígbà tó rí i bó ṣe wọ inú ìlà náà.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kò fẹ́ kó gba iṣẹ́ náà. "Bàbá, ilé ìwòsàn tí Màmá kú sí náà?" Ó dá a lóhùn pé ilé ìwòsàn kò jẹ òun ní gbèsè, ọjọ́ ìyàwó òun ló pé. Bí dókítà ṣe sọ ọ́ fún un nìyẹn ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó sì gbà, nítorí kì í ṣe ẹni tí ń bá Ọlọ́run jà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé ni kò lè fara dà, ló fi gba iṣẹ́ náà.

Ó ṣí síláìdì kẹsàn-án. Àpẹẹrẹ ni, ìtàn aláìsàn kan tí wọn kò dárúkọ rẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí bí nǹkan ṣe máa ń wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

*Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún; ọjọ́ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn.*

Ó dáa.

*Irin wà ní apá òsì. Apá ọ̀tún la ti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀.*

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnì. Ó wo Gẹ̀ẹ́sì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Apá òsì. Ìyàwó rẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn lọ́dún kan, wọ́n sì fi irin de eegun apá rẹ̀. Nígbà òtútù, á ní kí bàbá wá bá òun fi ọwọ́ ra á.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé irin pọ̀ lápá àwọn èèyàn. Ó tẹ ìlà kẹta.

*Ọkọ rẹ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì pé ọwọ́ rẹ̀ tutù.*

Ó rí ara rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà, fìlà lọ́wọ́. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù bí omi òjò." "Bàbá, ẹ lọ jókòó, ó ń sinmi ni." Ó lọ jókòó. Ó tún padà. Wọ́n tún ní kó jókòó.

Gẹ̀ẹ́sì ṣì ku ìlà méjì. Ìka rẹ̀ tẹ̀ wọ́n nítorí pé ìka mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí, kò dúró de ọkàn.

*Nọ́ọ̀sì kò fi tó dókítà létí.*

*Ikú tó ṣeé dènà.*

Ó kà á. Òun ló yan ọ̀rọ̀ náà. Nítorí egbò ló ṣe yàn án. Fáànù ń yí lókè, ẹnìkan ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kọjá níta, ohùn gbogbo wọn sì jìnnà sí i bí ẹni tí orí rẹ̀ wà nínú omi.

Ọ̀gá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti dé ẹ̀yìn àga rẹ̀. "Àwòrán nọ́ọ̀sì yìí gba ààyè lápá ọ̀tún síláìdì, ìlà kìíní àti ìkẹta ti ká sí méjì-méjì. Ó ti di ìlà méje. Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò kọ 'Ọ̀rọ̀ falẹ̀, ó sì ṣeni láàánú'? Ẹ fi ìlà kan péré yìí rọ́pò mẹ́ta ìkẹyìn, ó tán."

"Rárá."

"Ó kúrú, ó sì tún rọ̀ létí..."

"Kí lẹ kọ́ wọn lórí síláìdì kẹta?"

"Pé kí wọ́n fi tó dókítà létí."

"Tí wọ́n bá wá dé ibí, tí wọ́n rí 'ọ̀rọ̀ falẹ̀', wọn ò ní mọ̀ pé ohun tí ẹ kọ́ wọn yẹn gan-an ni ẹnìkan ò ṣe. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ló falẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò lẹ́sẹ̀, ìyá. Nọ́ọ̀sì ló lẹ́sẹ̀."

"Bàbá, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí ká yín lára tó bẹ́ẹ̀?"

"Ìyàwó mi ni."

Ẹ̀rín kú lójú obìnrin náà. Ó wo síláìdì, ó wo bàbá, ó tún wo síláìdì. Ó di etí tábìlì mú.

"Ẹ̀yin ni... ẹ̀yin ni ọkọ náà?"

"Èmi ni."

"Wọn ò kọ orúkọ sínú ìròyìn tí wọ́n fún mi. Mo fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí, Bàbá, wọn ò kọ orúkọ."

"Wọn ò kọ orúkọ. Wọ́n kọ apá rẹ̀."

Kò gbé ohùn sókè nígbà tó sọ ohun tó kù. "Ẹ mọ̀ ọ́n tó láti fi kọ́ni. Àwọn tó ń tẹ́ ibùsùn máa mọ̀ ọ́n. Èmi ni wọ́n sọ fún pé ọjọ́ ló pé."

Omi lé ròrò sí obìnrin náà lójú, kò nù ún. Ó tẹ̀ síwájú, ó mú atọ́ka kọ̀ǹpútà, ó tẹ àwòrán nọ́ọ̀sì tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì pa á rẹ́. Ó fa àpótí ọ̀rọ̀ náà títí dé etí síláìdì. Ìlà méje náà tò padà, ó di márùn-ún, lẹ́tà kankan kò kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ìlà ìkẹyìn sì wà níbẹ̀ gbagidi.

"Bó ṣe máa wà nìyẹn," ó ní. "Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án."

Ó bọ́ síta pẹ̀lú fóònù. Bàbá ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Rárá, sà, kì í ṣe lọ́la. Ọkọ obìnrin náà ló jókòó síbí báyìí." Nígbà tó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

"Dókítà àgbà ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má tíì lọ."

"Mi ò lọ."

Síláìdì kan ṣoṣo ló kù, èyí tí wọ́n máa ń fi parí ẹ̀kọ́. Bàbá ṣí i, ó tẹ "Ìbéèrè" sínú àpótí rẹ̀. Ààyè ṣì pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ó fi iṣẹ́ náà pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì yí àga rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà.