Nọ́ńbà Ẹ̀yìn Bátìrì

Ẹnu mi mú nígbà yẹn, n kò purọ́. Ọdún 2004 ni, tí ìjọba alágbádá ṣì ń dùn mọ́ wa, tí gbogbo Ṣómólú ń pariwo "Hẹ́lóò!" lójú títì. Áà, ayé yẹn! Bàbá mi, Kàsúmù, ń tẹ̀wé ní òpópónà Bajulaiye, wọ́n sì fẹ́ fóònù kan káwọn oníbàárà lè máa rí wọn pè. Tòkunbọ̀ nìkan lagbára wọn ká. Fóònù olè ló ń bà mí lẹ́rù, torí ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, àgọ́ ọlọ́pàá ló ń sùn. Bàbá mi kò dé àgọ́ ọlọ́pàá rí.

"Ọ̀dọ̀ Nojeem la ó ti rà á," ni wọ́n wí. Nojeem kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù fóònù l'Ónípanu. Bí ọmọ ni wọ́n mú un.

Bá a ṣe débẹ̀, mo tẹ *#06#. Nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n fi ń dá fóònù mọ̀ yọ.

"Ràfíátù! Ṣé Nojeem lò ń yẹ̀ wò bí olè?"

"Ẹ máà bínú, Bàbá. Gbogbo ayé ló ń yẹ fóònù wò."

Nojeem rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ó wò ó, Bàbá. Ìyá ọlọ́pàá ni."

Mo yọ bátìrì. Nọ́ńbà ara bébà tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀ bá ti ojú fóònù mu pátápátá.

"Ṣó o ti rí i? Bẹ̀ ẹ́," Bàbá wí.

Mo ti lanu tán láti bẹ̀ ẹ́ kí ojú mi tó bá eéje kan. Ó gé lẹ́sẹ̀. Eéje wa ni! Láti kékeré ni mo ti ń fi kẹrosíìnì fọ àwọn lẹ́tà òjé tí Bàbá fi ń tẹ̀wé. Mo fi èékánná họ bébà náà, òmíràn sì yọ lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà ọ̀tọ̀.

"Fóònù olè ni! Wọ́n ti yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà, wọ́n wá lẹ tuntun bo ti àtijọ́!" Mo fẹ́ẹ̀ bú sẹ́kún nínú ìbínú. "Bọ̀ọ̀dá Nojeem, ẹ ò ṣèèyàn!"

"Késìn, èèpo ara rẹ̀ lásán, ni wọ́n pààrọ̀ o," Nojeem wí.

"Irọ́ burúkú! Ta ló lẹ bébà lé bébà?"

Bàbá gbà á, wọ́n gbé e súnmọ́ gíláàsì ojú wọn. Oṣù tó ṣáájú, Nojeem kó nọ́ńbà wá fún Bàbá láti bá òun tẹ̀ sórí bébà, ó ní ara rédíò lòun fẹ́ lẹ̀ wọ́n mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Bàbá fọwọ́ tò wọ́n, wọn ò gba kọ́bọ̀.

"Ogójì ni mo tẹ̀ fún ẹ," wọ́n wí, ohùn wọn ò sì lọ sókè. "Nojeem, ogójì èèyàn."

A ò rà á. Bàbá ti lọ báyìí, a sì ti ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ní kìlóò-kìlóò bí irin àlòkù. Àárò wọn ń sọ mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí wọn, kì í ṣe nídìí ẹ̀rọ ni mo ti ń rí wọn. Lórí bẹ́ǹṣì ni, iwájú ṣọ́ọ̀bù Nojeem, láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé ọlọ́pàá á gbé wọn, wọn ò dìde. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé ni wọ́n ń dá dúró:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á níbí. Èmi ni mo tẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn àwọn fóònù rẹ̀."