Ẹni Tí Wọn Kò Pè Wọlé

Nígbà náà, Àlàájì Sàlàkọ́ ọkọ mi ṣì wà láyé, ìyá Bùsáyọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tèmi lọ́jà Adjamé, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé tí a ti ń ṣòwò, ṣì wà láyé, ẹsẹ̀ mi sì ń gbé mi dé Williamsville láìsinmi. Ọmọ-ọmọ wa, Ṣàkírát, ń bá wa gbé. Ó ti lo ọdún méje ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Yopougon, níbi tí wọ́n ti ń di ọṣẹ sí páálí.

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ pátákó níbẹ̀ pé àwọn ń wá chef d'équipe, ẹni tí yóò máa darí àwọn tó ń di ọṣẹ, àti pé láàárín àwọn òṣìṣẹ́ làwọn yóò ti mú un. Mẹ́ta ló kọ̀wé: Ṣàkírát, Awa àti Saliou. Wọ́n bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìbéèrè kan náà, wọ́n fún wọn ní máàkì. Saliou ló wọlé.

Ìyẹn kò bí mi nínú. Ipò kan, ènìyàn mẹ́ta, ẹni méjì ní láti padà sẹ́yìn. Lúkmánì ló bí mi nínú.

Lúkmánì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, ni akọ̀wé Màdáámù Henriette, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Màdáámù ní kó pe àwọn méjì tí wọn kò mú wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òun fúnra òun sọ fún wọn àti ìdí rẹ̀, kí orúkọ Saliou tó dé ara pátákó lọ́jọ́ Ajé. Ó pe Awa. Awa sunkún, ó nujú, ó béèrè ibi tó kù sí, ó lọ sílé. Lúkmánì kò pe Ṣàkírát. Ó rò ó bí a ti ń rò ó nílé, pé a kì í gbé ọ̀rọ̀ burúkú ko ọmọ lójú, àgbà rẹ̀ là ń kọ́kọ́ rí. Ó sọ fún Màdáámù pé Ṣàkírát ti gbọ́, ó wá sílé wa lẹ́yìn ìrun Alásàrì.

"Bàbá, ẹ bá wa fẹ̀sọ̀ sọ fún un," ló wí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni tó ṣoore.

Ọkọ mi gbà. Ó ní ó di Sátidé. Sátidé dé, Ṣàkírát ń kọrin níbi tó ti ń fọṣọ, kò lè sọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pé kó ṣàdúrà fún òun nítorí ipò náà. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ṣe é. Èmi náà ṣe Àmín. Èmi tí mo wà níbẹ̀ nígbà tí Lúkmánì sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Ṣàkírát bá àwọn ènìyàn níwájú pátákó, wọ́n ń kí Saliou. Rachid kan tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ń fi Ṣàkírát ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Chef, ìwọ nìkan ni kò tíì gbọ́?" Awa ní òun ti mọ̀ láti Jímọ́ọ̀. Ṣàkírát ṣí ilẹ̀kùn Màdáámù wọlé láìkànkùn. Wọ́n pe Lúkmánì. Ó ní òun ti sọ fún bàbá àgbà rẹ̀.

Màdáámù wò ó. "Ṣé bàbá àgbà rẹ̀ ló kọ̀wé?"

Obìnrin náà tọrọ àforíjì. Ó ní Ṣàkírát mọ iṣẹ́ ju Saliou lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í bí yóò ṣe kọ́ ẹni tuntun, ó ní òun yóò gba páálí lọ́wọ́ rẹ̀, òun yóò dì í fúnra òun. Ó ní kó kọ́ àwọn tuntun méjì, kó sì dúró fún Saliou nígbà ìsinmi rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Kò ṣèlérí ipò kankan fún un. Ó ní bí ààyè bá tún ṣí, àwọn yóò tún lẹ ìwé, kó tún kọ̀wé.

Ọmọ náà dé ilé lọ́sàn-án yẹn, ó dúró lé ọkọ mi lórí.

"Ọjọ́ wo lẹ ti mọ̀?"

"Jímọ́ọ̀."

"Ẹ wá gbọ́wọ́ sókè lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ń bá mi tọrọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti lọ."

Kò bi mí ní nǹkan kan. Ilá ni mò ń rẹ́, mo sì ń rẹ́ ẹ lọ. Ọkọ mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, kò dárúkọ mi.

Láti ọjọ́ náà, Ṣàkírát ń kúnlẹ̀ kí i, ó tán síbẹ̀. Ó dárí ji ilé-iṣẹ́, ó kọ́ àwọn tuntun rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dárí ji bàbá. Nígbà tí Lúkmánì wá bẹ̀bẹ̀, èmi ni mo lé e.

"Màmá, ọ̀wọ̀ ni mo fi ṣe é."

"Ọ̀wọ̀ ta ni? O kò fẹ́ rí ojú rẹ̀ ni, olójo."

Ó lọ. Mo mọ ẹni méjì mìíràn nínú ilé wa tí èébú yẹn bá mu.

Saliou lọ sí ìsinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ṣàkírát máa bọ́ sí àyè rẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi jẹ́jẹ́ ní ìdí ààrò, kí bàbá má baà gbọ́. Bàbá gbọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní kí n pọn omi ìwẹ̀ fún òun, ó wọ agbádá Jímọ́ọ̀ rẹ̀, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ kí ọmọ òun kú iṣẹ́ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ní kó wọlé, oòrùn ń pa á. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Kí Ṣàkírát tó sọ̀ kalẹ̀ nínú gbàkà, ọkọ̀ èrò tó ń gbé e bọ̀, bàbá ti kú lórí àga náà.